Gééjì Kò Mọ Iye Ihò Tó Wà Lára Yàrá

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, inú ṣì ń bí mi. Yàrá sáfà kan tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ sí ní Ìkẹjà, mítà 8 ní gígùn, 5 ní ìbú, 3 ní gíga. Sílíńdà FM-200, gáàsì tó ń pa iná, wà lára ògiri, abẹ́rẹ́ gééjì wà lórí àwọ̀ ewé, káàdì àyẹ̀wò so mọ́ ọn lọ́rùn. A gbé fáànù sí ẹnu ọ̀nà láti wọn bí yàrá ṣe ń jò, èsì sì jáde: gáàsì kò ní dúró ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Ìṣẹ́jú 10 là ń wá. Gbogbo wa kàn ń wo ara wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú irú yàrá yìí mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa ń bèèrè ni, "Ṣé gáàsì wà níbẹ̀?" Ó wà. Àmọ́ ó kéré. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ wọn yàrá láti orí ilẹ̀ títí dé sílìn, ó gbàgbé abẹ́ pákó ilẹ̀ tí a gbé sókè (sẹ̀ntímítà 30) àti òkè sílìn (sẹ̀ntímítà 60). Mi ò bú u o, èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Bí a ṣe ń ṣírò nìyí:

```
W = (V / S) × (C / (100 − C))
S = 0.1269 + 0.000513 × T
```

W ni kílógíráàmù gáàsì, V ni àyè yàrá ní mítà kúbíìkì, T ni ooru yàrá ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì, S ni àyè ní mítà kúbíìkì tí kílógíráàmù gáàsì kan ń gbà ní ooru yẹn, C ni ìdá gáàsì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Bí T bá jẹ́ 20, tí C sì jẹ́ 7.9, mítà kúbíìkì kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 0.625. Yàrá fúnra rẹ̀, 120, gba kílógíráàmù 75, ohun tó sì wà nínú sílíńdà nìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ 12, òkè sílìn jẹ́ 24. Àpapọ̀ di 156, ó ń fẹ́ kílógíráàmù 97.5. Bí ẹ bá tú 75 sínú 156, ìdá 6.2 péré lẹ máa rí. Ooru tó kéré jù tí yàrá lè ní ni kí ẹ fi ṣírò. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ooru tó ga jù: ní 35, 97.5 náà á gòkè dé ìdá 8.3. Kó má ju 9 lọ níbi tí èèyàn bá lè wà.

Gééjì kò lè sọ èyí. Náítírójìn tí wọ́n fi ti gáàsì náà ló ń gbé abẹ́rẹ́ sókè, nítorí náà abẹ́rẹ́ lè dúró dáadáa nígbà tí gáàsì ti dín kù. Ẹ gbé sílíńdà sórí ìwọ̀n. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá ti fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ẹ rọ ọ́ kún.

Ká tiẹ̀ sọ pé gáàsì pé, ihò ló máa pa yàrá yìí. FM-200 wúwo tó ìlọ́po mẹ́fà afẹ́fẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ti ń sá lọ, afẹ́fẹ́ tútù á sì máa wọlé láti òkè, orí ráàkì tí a to sáfà sí ni yóò kọ́kọ́ ṣófo. Ihò tó wà nísàlẹ̀ ló burú jù. Nígbà tí fáànù ń fẹ́ pẹ̀lú ìtì afẹ́fẹ́ tó jẹ́ Páskà 50, a ṣí pákó ilẹ̀ lẹ́yìn ráàkì tó kẹ́yìn, a fọ́n èéfín díẹ̀ sí i: ó kóra jọ, ó ṣẹ́ kọ́rọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ wáyà lọ sí yàrá kejì. Ihò náà fẹ̀ tó ìwé A4 méjì. Àwọn tó fa wáyà ló lu ògiri, kò sẹ́ni tó padà dí i. Ẹ tún wo abẹ́ ilẹ̀kùn, àti dámpà ẹ́síì, ìyẹn ìdérí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ tì fúnra rẹ̀ kí gáàsì tó tú jáde. Kí ẹ sì ti fáànù náà sí ọ̀nà méjèèjì, kó fẹ́ wọlé, kó sì fà jáde, nítorí dámpà kan lè tì sí apá kan kó sì ṣí sí apá kejì.

A fi ohun ìdíhò tí iná kì í jó dí i, a lẹ rọ́bà sí abẹ́ ilẹ̀kùn, a tún wọn: ìṣẹ́jú 13. Sílíńdà kejì ti wà lọ́nà, pẹ̀lú imú ìtúgáàsì tirẹ̀ fún abẹ́ ilẹ̀ àti òkè sílìn. Fèrèsé ìtúfúùfù nìkan ló kù ká ṣírò, nítorí yàrá tí a dí pa báyìí, gáàsì tó ń tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 lè ti ògiri rẹ̀ síta.