Fèrèsé Àríwá, Ìkókó àti Aṣọ Funfun Kan

Kubwa, Àbújá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Fèrèsé méjì ló wà nínú yàrá tí mo ti ya àwòrán ìkókó lónìí. Ọ̀kan kọjú sí ìlà-oòrùn, èkejì sì kọjú sí àríwá. Ẹ̀gbẹ́ ti ìlà-oòrùn ni àwọn ará ilé ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè mí, nítorí pé oòrùn àárọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé yòò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fa kọ́tìnì ibẹ̀ dé, kí a sì gbé fómù lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àríwá. Bí oòrùn bá bọ́ sí ìkókó lójú tààrà, yóò fún ojú pọ̀, òjìji dúdú yóò dúró sábẹ́ imú àti àgbọ̀n rẹ̀, irin fèrèsé yóò sì fa ìlà ìlà sí i lára. Ojú ọ̀run nìkan ni fèrèsé àríwá ń rí ní àsìkò yìí, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé sì ti fọ́n ká kó tó kan ọmọ lára. Eruku ọyẹ́ tó bo ojú sánmà tún wá sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ gan-an.

Mo sọ pé ní àsìkò yìí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí yípo ọdún. Àwọn ìwé tí àwọn ará Yúróòpù kọ máa ń sọ pé fèrèsé àríwá ni kí ayàwòrán máa lò nígbà gbogbo, òótọ́ sì ni lọ́dọ̀ tiwọn, nítorí pé ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wọn máa ń wà láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìwọ̀n 9 péré ni Àbújá fi wà ní àríwá agbedeméjì ayé. Láti bí àárín oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán wa máa ń yà díẹ̀ sí ìhà àríwá, fèrèsé tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ọyẹ́ sì lè gba oòrùn wọlé nínú oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá ń gbé ní ìhà ibí yìí kò gbọdọ̀ há orúkọ ìhà kan sórí. Kí ó dúró nínú yàrá, kí ó wo ilẹ̀: fèrèsé tí kò bá ju oòrùn sílẹ̀ ní wákàtí yẹn ni fèrèsé tiwa. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló wà, tí oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé, kọ́tìnì léèsì funfun tàbí aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun tó fẹ́lẹ́ tí a ta sójú rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ náà.

N kò jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Òtútù ọyẹ́ òwúrọ̀ kì í ṣe nǹkan tí a ń bọ́ ọmọ tuntun sí, nítorí pé ara ìkókó máa ń pàdánù ooru kíákíá ju ti àgbàlagbà lọ. Orí rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ kéré, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí yàrá ìgbẹ̀bí gbóná tó ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìwọ̀n yẹn ni èmi náà fi ń díwọ̀n nínú ilé. A ti gíláàsì fèrèsé pa, a pa fáànù, a sì jẹ́ kí yàrá yá. Nígbà tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú ọmọ, àyà àti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn, nítorí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó máa ń tutù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì móoru dáadáa. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan ń dún lẹ́yìn ilé. Mo kọ́kọ́ lọ wò ó pé èéfín rẹ̀ kò kọjú sí fèrèsé wa kí n tó gbé kámẹ́rà jáde.

Kí ìyá tó gbé ọmọ wá, ìkúùkù ara mi ni mo fi dán ìmọ́lẹ̀ wò. Mo gbé e síbi tí orí ọmọ yóò wà, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo ibi tí òjìji eegun ìka mi ń bọ́ sí. Ohun tí mo ń wá ni pé kí ìmọ́lẹ̀ ti ìhà orí wá, kó ṣàn gba iwájú orí kọjá sí imú, kó sì parí síbi àgbọ̀n, kí òjìji kékeré kan wà lábẹ́ imú ní ìhà ẹsẹ̀. Bí a bá tẹ́ ọmọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ yóò gba abẹ́ àgbọ̀n wọ ihò imú, ojú rẹ̀ yóò sì dà bí ojú ẹni tó gbé iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àgbọ̀n lóru. Lónìí, mo tẹ́ fómù náà ní ìdábùú díẹ̀ sí fèrèsé, orí ọmọ sún mọ́ gíláàsì ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, àlàfo bíi mítà kan sì wà láàárín wọn. Ní apá kejì tí òkùnkùn wà, mo gbé pátákó káàdìbọ́ọ̀dù tí mo fi bébà funfun bò nàró, kó lè dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjìji náà pọ̀ jù, mo sún pátákó mọ́ ọmọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá tẹ́jú pẹrẹsẹ tí kò ní ìrísí mọ́, mo fà á sẹ́yìn.

Ìyá ọkọ ìyá ìkókó, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìtọ́jú ọmọ, na fóònù sí mi. Àwòrán ìkókó kan wà lójú rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n ró, tí orí rẹ̀ sì nàró.

“Irú èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe, ọmọ mi. Ẹ wò ó bó ṣe dá orí dúró bí àgbà.”

“Ẹ má bínú, Mà,” mo dá wọn lóhùn. “Kò sí ọmọ tuntun tó lè dá orí ara rẹ̀ gbé. Àwòrán méjì ni wọ́n pa pọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹnì kan di orí ọmọ mú láti òkè. Nínú èkejì, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú nísàlẹ̀. Wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà pa àwọn ọwọ́ yẹn rẹ́.”

Wọ́n wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì gbé fóònù sápò. N kì í ṣe irú rẹ̀ nínú ilé, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi owó kún un. Ẹ̀yìn ni mo tẹ́ ọmọ lé, lórí fómù tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí. Ohun tó ń ba ni lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ yìí kì í dún: bí àgbọ̀n ìkókó bá tẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó rọ̀ lè dí, kò sì ní agbára láti gbé orí kúrò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, àlàfo tó gba ìka méjì gbọ́dọ̀ máa wà láàárín àgbọ̀n àti àyà rẹ̀, mo sì ń wò ó lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí a bá yí i padà. Ètè rẹ̀ ni mo tún ń wò. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ṣú díẹ̀ lè jẹ́ ti òtútù, ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá ṣú, iṣẹ́ àwòrán ti parí nìyẹn, ilé ìwòsàn ló kàn. Nígbà tí a fi ṣọ́ọ̀lù wé e, apá rẹ̀ ni mo jẹ́ kí ó fún díẹ̀. Ìhà ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú, kí ó lè ká orúnkún rẹ̀ sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé nína ẹsẹ̀ ìkókó gbọọrọ, kí a sì dì í bẹ́ẹ̀, lè ba oríkèé ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Ìyá rẹ̀ jókòó ti fómù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọmọ rárá.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gba àkókò wa jù. Màmá ti mú aṣọ òkè aláró kan tó rẹwà jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, òórùn káńfọ̀ sì kún yàrá bí wọ́n ti tú u. Mo rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e jáde kúrò nínú yàrá pátápátá. Káńfọ̀ tí a ń kó sí àárín aṣọ nítorí kòkòrò léwu púpọ̀ fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa. Ó máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́, ibà pọ́njú tó le sì lè tẹ̀lé e dé ọpọlọ. Kì í ṣe ohun tí a lè fojú mọ̀ lára ọmọ, nítorí náà aṣọ inú káńfọ̀ kì í kan ìkókó kankan lọ́dọ̀ mi. Aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n sì sá sí oòrùn, ni a tẹ́ dípò rẹ̀. Mo fà á títí tí kò fi ní ìwúnjọ, mo sì jẹ́ kí ó gun ògiri díẹ̀ lẹ́yìn ọmọ kí ojú má bàa rí etí fómù.

Funfun tún ní àǹfààní mìíràn: kì í da àwọ̀ sí ọmọ lára. Kọ́tìnì tó wà nínú yàrá náà jẹ́ àwọ̀ ewé, gílóòbù tó wà lókè sì ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú. Nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí ìyá fi fóònù rẹ̀ yà, ọmọ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àyà rẹ̀ sì já. Mo pa iná, mo ká kọ́tìnì ti fèrèsé àríwá sókè kúrò nítòsí, àwọ̀ ara ọmọ sì padà sípò. Síbẹ̀, nítorí ibà pọ́njú, n kò fi ìyẹn pa ọ̀rọ̀ náà tì. A gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé, mo fi ìka tẹ awọ àyà rẹ̀ díẹ̀ kí a lè rí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀, a sì wo ẹyinjú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó pọ́n níbẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ó bá rí i pé ó pọ́n lójú ọ̀sán gangan, pàápàá tó bá dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ bá ń sùn jù tí kò fẹ́ mu ọmú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má ṣe sá a sí oòrùn nínú ilé.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Lẹ́ǹsì 50 mm ni mo lò, ní f/2.8, 1/200 àti ISO 800, láìsí fíláàṣì, okùn kámẹ́rà sì wà lọ́rùn mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sórí ọmọ, nítorí pé ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni kò ní ibòmíràn tí yóò bọ́ sí. Fún ìyá rẹ̀ tó fẹ́ máa fi fóònù yà á fúnra rẹ̀, mo ní kí ó má ṣe lo 0.5x, tó máa ń wú imú ọmọ, kí ó lo 2x, kí ó sì sún sẹ́yìn. Kí ó tẹ ojú ọmọ lójú fóònù, kí ó má gbé ìka kúrò títí tí AE/AF LOCK yóò fi yọ lórí áífóònù rẹ̀, kí ó wá fa àmì oòrùn náà wálẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ funfun má bàa mọ́lẹ̀ jù.

Ọmọ jí nígbà tí a ń ya ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ bàbá rẹ̀, a sì dúró kí ó mu ọmú kí a tó parí èyí tó kù. Ní alẹ́ yìí, mo ti yan àwọn tí n ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Òwú kan tó lẹ̀ mọ́ aṣọ nìkan ni mo yọ kúrò. Awọ tó ń ṣí lára ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọn kókó funfun kéékèèké orí imú rẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, n kò sì mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí fèrèsé náà ṣe fi hàn lọ.