Lẹ́tà Onílé Méjì: Ìbàdàn àti Mansẹ́sítà

Ní ọdún 2023, nígbà tí mo fẹ́ kó kúrò ní Mansẹ́sítà lọ sí ìlú Líìdìsì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajẹ́ntì tó ń bójú tó ilé tuntun náà ní kí n dárúkọ gbogbo ibi tí mo ti gbé láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí onílé kọ̀ọ̀kan sì kọ lẹ́tà nípa mi. Ọdún méjì péré ni mo ti lò ní Mansẹ́sítà, nítorí náà ó di dandan kí n padà sọ́dọ̀ Màmá onílé mi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ẹni tí mo gbé ilé rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Nígbà tí mo fẹ́ gba ilé Màmá, kò sẹ́ni tó béèrè onílé mi àná. Wọ́n béèrè ìlú mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bóyá mo ti gbéyàwó, àti ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo san owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó ajẹ́ntì àti owó ìwé àdéhùn. Mo wá rí i pé ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá nìyẹn. Onílé tó ti gba owó ọdún méjì sọ́wọ́ kò bẹ̀rù gbèsè lọ títí. Oníjà àti ẹni tí yóò kọ̀ láti kó jáde ló ń bẹ̀rù, ìwà ló sì ń wádìí. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣooṣù la máa ń san owó ilé. Bí ayálégbé bá dáwọ́ owó dúró, ó lè gba onílé ní ọ̀pọ̀ oṣù ní kóòtù kó tó gba ilé rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ mọ bí ẹni náà ṣe sanwó níbi tó ti ń bọ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Màmá kọ dùn mọ́ mi nínú. Ó ní ọmọlúàbí ni mí, n kò bá ará ilé jà rí, kí wọ́n gbà mí bí ọmọ. Ajẹ́ntì dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun kò lè lò ó. Mo pe Màmá.

“Ṣé irọ́ ni mo pa ni?” ni wọ́n bi mí.

“Rárá o, Mà. Òtítọ́ ni ẹ kọ. Ọjọ́ àti iye owó ni wọ́n ń béèrè.”

Nínú lẹ́tà kejì, Màmá kọ àdírẹ́sì ilé náà, oṣù tí mo wọlé àti oṣù tí mo jáde, iye owó ilé lọ́dún, pé n kò jẹ gbèsè owó ilé tàbí ti iná, pé mo kun ilé kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, àti nọ́ńbà fóònù wọn. Mo fi àwọn rìsíìtì mi tì í, nítorí pé àwọn kan máa ń ní kí ọ̀rẹ́ ṣe bí onílé fún wọn. Ajẹ́ntì fi orúkọ tó wà lórí rìsíìtì wé èyí tó wà lórí lẹ́tà kó tó pe Màmá. Ìwádìí yìí kò ná mi ní kọ́bọ̀, nítorí òfin ọdún 2019 kò jẹ́ kí ajẹ́ntì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé mọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣì lè gba owó tí a fi ń di ilé mú, tí kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ilé náà jẹ́ pọ́n-ùn 780 lóṣù, nítorí náà pọ́n-ùn 180 ni mo san. Bí mo bá parọ́ fún wọn, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé owó náà.

Lẹ́tà onílé Mansẹ́sítà ló bà mí lẹ́rù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà méje péré ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ láti sanwó, pé mo ti sọ fún òun ṣáájú, àti pé owó náà pé nígbà tó dé. Mo rò pé ìlà yẹn yóò bà á jẹ́ fún mi. Ajẹ́ntì sọ pé ìlà náà gan-an ló mú kí òun gba ìyókù gbọ́, nítorí pé onílé tó fẹ́ lé ayálégbé burúkú lọ máa ń yìn ín láìdárúkọ ọjọ́ kan. Nítorí irú èyí gan-an ni wọ́n ṣe ń wá onílé ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ní èrè kankan mọ́ nínú kíkó tí ayálégbé ń kó lọ.

Mo gbà pé ọ̀nà ti ibí dára ju bíbéèrè ìlú ẹni àti ìyàwó ẹni lọ, nítorí pé ohun tí mo ṣe ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ó dùn mí pé ọdún mẹ́fà tí èmi àti Màmá fi gbé pọ̀ ní àlàáfíà kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà kejì, Màmá ṣì fi kún un pé ẹni tó bá gbà mí sílé kò ní kábàámọ̀. Fọ́ọ̀mù ajẹ́ntì kò ní àyè fún un, ṣùgbọ́n n kò ní kí Màmá yọ ọ́.