Ẹ Jẹ́ Kí Òbí Lè Pín Owó Náà Fúnra Wọn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ìwé Owó Ìrìn Àjò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa ní Ìkòròdú lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ìwé tí a fi ń béèrè owó ìrìn àjò lọ́wọ́ àwọn òbí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ bà jẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ìdíje ọlọ́jọ́ méjì ní Abẹ́òkúta ni. Ọmọ méjìdínlógún àti àgbà mẹ́ta ló ń lọ. Ọkọ̀ Kósítà tí yóò gba ọ̀nà Ṣágámù gbé wa lọ, tí yóò sì gbé wa bọ̀, jẹ́ ₦240,000, a sì ti bi awakọ̀ bóyá owó epo wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí nílé, ilé epo ni yóò ti gbọ́ ọ. Oúnjẹ ènìyàn mọ́kànlélógún, ní ₦3,000 lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦126,000. Ibùsùn jẹ́ ₦48,000. Omi àti oògùn ọgbẹ́ jẹ́ ₦18,000. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦432,000, ìyẹn ₦24,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣìnà. Mo mọ̀ pé òbí mẹ́ta kò ní í lè san, mo bá fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pín owó náà dípò méjìdínlógún, ó di ₦28,800, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé iye tí ọmọ kan ń ná wa gan-an nìyẹn. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, bàbá kan tí ó ń ta irin ìkọ́lé ní Sábó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ 28,800, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjìdínlógún, ó sì na ojú fóònù náà sí mi: 518,400 ló wà níbẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ₦86,400 tó lé yìí ńkọ́?” Mo ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ láìtú àṣírí àwọn òbí mẹ́ta náà, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó níwájú mi. Mo dákẹ́, gbogbo ilé sì rò pé mo fẹ́ jí owó.

Lóru ọjọ́ náà ni mo tún ìwé náà kọ:

“Ẹ̀yin òbí wa, a kí yín o. Àpapọ̀ owó ìrìn àjò Abẹ́òkúta jẹ́ ₦432,000. Bí a ó ṣe ná an wà nísàlẹ̀. ₦24,000 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. A ń wá ₦72,000 nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí owó tiwọn kò tíì pé. Òbí tí ó bá fẹ́ bá wa dá sí i lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe dandan. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kí ó pe akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní í kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Bàbá onírin náà san ti ọmọ rẹ̀, ó sì san ti ọmọ ẹlòmíràn. Iye owó náà kọ́ ló bí i nínú lákọ̀ọ́kọ́. Bíbò tí mo bò ó ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Awakọ̀ fẹ́ gba ìdajì, ₦120,000, ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò. Bí ẹ bá fi àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò ṣe gbèdéke fún òbí, àpò yín ni ìdajì yẹn yóò ti jáde. Ohun tí a ń ṣe ni pé a pín owó náà sí ẹ̀ẹ̀mejì: ₦10,000 kí ọjọ́ awakọ̀ tó pé, ₦14,000 lẹ́yìn rẹ̀. Bí òbí méjìlá péré bá san ti àkọ́kọ́, owó awakọ̀ ti pé. Kí ìwé náà sì jáde ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú, kí ìparí oṣù kan lè bọ́ sí àárín, nítorí pé oníṣòwò lè rí owó lónìí, ṣùgbọ́n tíṣà ń dúró de owó oṣù.

Ẹ má ṣe lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì san mọ́ Wasáàpù láéláé. A ṣe é rí, ọmọ kan kò sì wá sí pápá mọ́ títí sáà fi parí.

Nígbà tí a dé, ₦7,200 ló ṣẹ́ kù nínú owó oúnjẹ. Mo fi àwòrán gbogbo rìsíìtì ránṣẹ́ sí àwọn òbí, títí kan ti omi inú ọ̀rá, mo sì béèrè bóyá kí a dá ₦400 padà fún òbí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí a fi pamọ́ de ìrìn àjò tí ó ń bọ̀. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ọdún kejì, lórí ìlà àkọ́kọ́, kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.