Orúkọ wa ni wọ́n ń tẹ̀, ìpolówó ló ń gba ọpẹ́

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ìpolówó Google fún ilé-iṣẹ́ mọ bí ìpàdé òpin oṣù ṣe máa ń rí. Fóòmù ìbùsùn là ń tà. Àwọn tí ọ̀gá gbé iṣẹ́ ìpolówó fún gbé rìpọ́ọ̀tù wọn síwájú wa: náírà kọ̀ọ̀kan tí a ná, náírà mẹ́jọ ló mú wọlé. Wọ́n ní kí ọ̀gá fi owó kún un.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn tó rà yìí, mélòó ló ti tẹ orúkọ wa sí Google kó tó rí ìpolówó?" Olórí wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ọjà tó tà ti tà. Ọ̀gá yíjú sí mi: "Àbí o ò fẹ́ kí ọjà tà ni?" Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní kí n jókòó. Níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́! Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwé ilé ìkẹ́rù wà lọ́wọ́ mi. Iye fóòmù tó ń jáde kò yí padà láti oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ìpolówó ń sọ pé òun tà ń gòkè. Tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ fura. Mo jókòó, wọ́n sì fi owó kún un lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé. Ká ní a ná ₦1,000,000, ọjà ₦8,000,000 sì tà. Ẹ pín in sí méjì. Ìpolówó tó ń jáde tí ènìyàn bá tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa gba ₦200,000, ó "ta" ₦7,000,000. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi `mattress price in Ibadan` gba ₦800,000, ó ta ₦1,000,000 péré. Tí èrè orí ọjà bá jẹ́ 30 nínú 100, ₦300,000 la rí lórí ₦800,000 yẹn. Àdánù ni, orúkọ wa ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ wa lórí rédíò tó sì tẹ orúkọ wa ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìpolówó orí orúkọ dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà òde, tó ń fún àwọn tó ti wọ aṣọ ẹbí wá ní ìwé ìpè.

Kì í ṣe èmi ló dá èyí sílẹ̀ o. Ní 2012, eBay, ilé-iṣẹ́ ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dá ìpolówó orí orúkọ ara rẹ̀ dúró lórí Yahoo àti MSN, ó fi ti Google sílẹ̀ kí ó lè fi wọ́n wéra. 99.5% àwọn tí ì bá tẹ ìpolówó náà ló gba ìlà ọ̀fẹ́ tí Google àti àwọn yòókù ń gbé jáde láìgbowó wọlé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Blake, Nosko àti Tadelis, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí Econometrica ní 2015. Nígbà tí wọ́n tún dán àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí kì í ṣe orúkọ eBay wò lórí Google, àwọn oníbàárà àtijọ́ ra ọjà bí wọ́n ṣe máa ń rà á. Àwọn tuntun àti àwọn tí kì í sábà rà nìkan ni ìpolówó mì.

Ọ̀gá ka èyí, ó sì gbà. A pa ìpolówó orí orúkọ wa ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, a fi ti Èkó sílẹ̀. (Mo yẹra fún Ògùn, torí ẹni tó ń gbé Mọ́wẹ̀ lè wà ní Ìkẹjà tó bá ń wá fóòmù.) A ka ọjà nípa àdírẹ́sì tí a gbé e lọ, nínú ìwé tiwa, kì í ṣe iye tí Google kà. Ọjà ò já. Ó parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ ya orúkọ yín sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Ẹ ṣí `Search terms`, ẹ ṣa gbogbo ibi tí orúkọ yín wà, títí kan èyí tí wọ́n ṣì kọ. Ẹ fi wọ́n sínú `Negative keywords` níbi ìpolówó àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Tó bá jẹ́ Performance Max lẹ ń lò, `Brand exclusions` ni kí ẹ wá, torí ibẹ̀ ni orúkọ máa ń fara pamọ́ sí jù.

Ẹ̀kọ́ kejì ò jìnnà sí ti àkọ́kọ́: ẹni tó bá fi àròpọ̀ kan ṣoṣo hàn yín, ẹ ní kó pín in. Èmi ò sọ pé ìpolówó ò wúlò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nílò rẹ̀ ju tiwa lọ. Bákan náà, tí `Auction insights` bá fi hàn pé ẹni tí ẹ jọ ń tajà ń fi owó lé orúkọ yín, ẹ má kàn pa ìpolówó orí orúkọ yín. Ẹ dán an wò ní ìpínlẹ̀ kan ná, kí ẹ wo ìwé ọjà yín.