Ilé ìdáná kan ní Kábbà tó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó wó tán

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà àti kápíńtà. Ẹnìkan nínú yín bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ilé ìdáná tí ọmọ méjì lè fi díígà wó láàárín ọjọ́ kan. Òótọ́ ni o. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi náà kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ fi gbowó ni, ìgbà tí mo mú un yípo ilé yẹn ló tó dákẹ́.

Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Kábbà ni ilé ìdáná náà wà, búlọ́ọ̀kù amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ nípọn tó íǹṣì 9, wọ́n wá fi síméǹtì rẹ́ ẹ lójú. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9, àmọ́ gébù tó gbé orùlé sókè ga tó 14 ní ṣóńṣó. Ilé aládùúgbò ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí gébù yẹn. Ẹ ro ìyẹn ná, ògiri tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14, tó bá ṣubú gbalaja, ibo ló máa dé? Èmi máa ń lé èèyàn jìnnà tó ìlọ́po kan ààbọ̀ gíga ògiri, ìyẹn 21, torí búlọ́ọ̀kù kì í ṣubú kó dúró síbi tó ṣubú sí, ó máa ń yí. Níbi tí ò ti sí ẹsẹ̀ bàtà 21, ẹ ò ní ti ògiri ṣubú níbẹ̀ láéláé, ọwọ́ lẹ máa fi tú u látòkè, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ìkejì, ẹ̀ ó sì máa jù ú sínú ilé.

Àmọ́ gébù kọ́ ló dá wa dúró jù. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́yìn ló ní ṣẹ́ẹ̀dì páànù tó ń dáná sí abẹ́ rẹ̀, mo bẹ ìyá kí n wọlé wò ó láti apá ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká wo orí ṣẹ́ẹ̀dì yín," ìyá ní "Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀, ọmọ mi, látọjọ́ tí bàbá wọn ti wà láyé ló ti wà." Àṣé igi márùn-ún tó gbé páànù ìyá ní wọ́n gbẹ́ ihò fún sínú ògiri ẹ̀yìn wa, orí ògiri wa ni ṣẹ́ẹ̀dì yẹn sùn sí! Ká ní a ti fi díígà gbá ògiri yẹn láti inú, orí ìyá àti ìkòkò rẹ̀ ni páànù ì bá já lé. Inú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ wó ò lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn, lápá ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ sì máa bi ara yín níbi gbogbo pé kí ni nǹkan yìí ń gbé dúró, kí ló sì ń gbé òun náà dúró.

Ọjọ́ kìíní, iṣẹ́ wíwò nìkan la ṣe. Mo ya fọ́tò ògiri ilé aládùúgbò tó kọjú sí gébù, onílé fúnra rẹ̀ dúró tì mí. Ibi tó ti là tẹ́lẹ̀, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí òpin ibi tó là dé, mo kọ déètì sí i. Kì í ṣe torí ìjà nìkan o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gbani lọ́wọ́ ìjà dáadáa. Ìlà yẹn ló máa sọ fún yín tí ògiri bá ń rìn, tí lílà yẹn bá ti kọjá pẹ́ńsù, ẹ dáwọ́ dúró. Mo tún ní kí oníná já wáyà tó wá láti ilé ńlá, kó já a níbi mítà, kó sì fi tẹ́sítà wò ó níṣojú mi. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé òun ti pa ṣúìṣì.

Ọjọ́ kejì la gbé igi sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ìyá. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. A fi pákó tó fẹ̀ lélẹ̀ ná, torí tí òpó bá dúró sórí iyẹ̀pẹ̀ lásán, ilẹ̀ á gbé e mì tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A wá gbé igi gbọọrọ kan tó jẹ́ íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́rin dábùú sábẹ́ igi márùn-ún yẹn, kò jìn sógiri ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ, òpó mẹ́ta ló gbé e. Láàárín ẹsẹ̀ òpó àti pákó, a ki wẹ́ẹ̀jì méjì méjì, ọ̀kan dojú kọ èkejì, ká lè máa fi òòlù kékeré gbá wọn wọlé títí igi á fi fún. Ó fún ni mo wí o, kì í ṣe pé ó gbé páànù sókè. Ọmọ kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbá a pẹ̀lú agbára, a gbọ́ tí ìṣó páànù dún kẹ́ẹ́, mo ní dúró dúró! Tẹ́ ẹ bá gbé e ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń ba ilé onílé jẹ́. Tí òpó bá ti fún débi tí ọwọ́ ò lè mì í mọ́, ó tó. Lẹ́yìn náà la kan igi mọ́ wọn ní dídagun kí wọ́n má baà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni kápíńtà gbẹ́ ihò òpó tí ṣẹ́ẹ̀dì ìyá máa dúró lé títí láé, ó da kọnkéré sí i. Ẹ lè ní kí ló dé tí a ò kàn jẹ́ kí àwọn òpó tuntun yẹn gbé e lójú ẹsẹ̀? Kọnkéré tutù ni o, kò lè gbé nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Igi wa ló máa gbé e títí tìyẹn fi máa gan.

Orùlé la fi ọjọ́ kẹta tú, ìyẹn ò le, a yọ páànù láti òkè wá sísàlẹ̀ lápá méjèèjì lọ́gbọọgba, lẹ́yìn náà igi. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé orùlé yẹn ló ń di ògiri mú lórí, bó bá ti kúrò báyìí, ògiri kọ̀ọ̀kan ti dá dúró bí ẹní tí wọ́n gbé nà róró. Torí ẹ̀ ni mi ò fi jẹ́ kí gébù sun ọjọ́ méjì láìsí orùlé. Àtàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀ la ti gun àkàbà onígi tí a dè mọ́ra, kì í ṣe orí ògiri la dúró lé o, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Yàrá kékeré tó wà nínú rẹ̀ ní sílíǹgì eléérú àtijọ́ yẹn, èyí tó rí bíi síméǹtì pẹlẹbẹ, asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyẹn la ti yọ kí orùlé tó kúrò. Ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má gbá eruku rẹ̀. A bu omi pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ wọ́n ọn, a fa ìṣó rẹ̀ yọ ní pẹ̀lẹ́, a gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi, a wé e nínú nílọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tẹ́ ẹ so mọ́ imú ò lè dá eruku yẹn dúró, ẹ ra máàsìkì gidi tó lẹ̀ mọ́ ojú, èyí tí wọ́n kọ FFP3 sí lára. Ikú tó wà nínú ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó yọjú, ó lè tó ogún ọdún sí ogójì, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà wa fi ń sọ pé àwọn fọ́ ọ nígbà yẹn kò sì ṣe àwọn ní nǹkan kan.

Wàyí o, àṣìṣe tèmi. Ọyẹ́ ti dé, eruku amọ̀ ń fẹ́ lọ sílé ìyá àti sórí aṣọ tí wọ́n sá, mo wá sọ fún ọmọ kan pé kó máa fi omi pa eruku. Mi ò sọ iye tó máa lò. Hóòsì ló nà sí ìdí ògiri ẹ̀gbẹ́ kan láti ọ̀sán, tí mi ò kọbi ara sí i torí ojú mi wà lórí gébù. Nírọ̀lẹ́ tí mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí pílásítà ti ṣí, ó wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ ẹ̀kọ. Amọ̀ gbígbẹ lágbára, amọ̀ tó ti mumi ti padà di ẹrẹ̀, gbogbo ìwúwo tó wà lókè sì ń tẹ ẹrẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ohun tó sì burú jù ni pé pílásítà síméǹtì ṣì dúró dáadáa níta, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tó bá ń kọjá.

A lé gbogbo èèyàn kúrò. A gba ìta, a gbé igi méjì fi ara ti ògiri ẹ̀gbẹ́ náà ní dídagun, pákó lókè, pákó nílẹ̀, èèkàn lẹ́yìn ẹsẹ̀ igi kó má baà yọ̀, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí oòrùn fi gbẹ ẹ́. Owó ọjọ́ méjì yẹn, àpò mi ló ti jáde.

Ẹ máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgbálẹ̀ wọ́n omi sórí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn báyìí-báyìí, àti sórí òkìtì tó ti wà nílẹ̀, kó kàn mọ́ra, kó má ṣàn. Tó bá ti ń ṣàn lọ sí ìdí ògiri, ó ti pọ̀ jù. A ta tàpólì sẹ́yìn fún ìyá, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sá aṣọ níwájú ilé títí a ó fi parí.

Nígbà tí ògiri gbẹ, a tú u láti òkè lọ sísàlẹ̀, yípo-yípo, kí apá kan má ga ju èkejì lọ. Ògiri àárín tó pín ilé sí méjì la jẹ́ kó kẹ́yìn, torí òun ló ń di àwọn tó gùn mú. Òkìtì ò sì gbọ́dọ̀ ju orúnkún lọ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, iyẹ̀pẹ̀ tó bá pọ̀ máa ń ti ògiri bí èjìká ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà kan a rí i tí yangí ń dà wúyẹ́ láti inú ibi tó là, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A sá síta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, búlọ́ọ̀kù bíi mẹ́fà wó sínú ilé fúnra wọn.

Nígbà tí a dé ibi ihò igi ìyá, a fi ayùn gé orí wọn kúrò lára ògiri, òpó wa ló gbé e, kò mì. Kọnkéré tí kápíńtà dà ti tó ọjọ́ mẹ́fà nígbà yẹn. A gbé igi tó máa wà níbẹ̀ títí láé sórí òpó tuntun, a tú wẹ́ẹ̀jì díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìwúwo bọ́ sórí òpó tuntun àmọ́ òpó wa ṣì wà nítòsí tó bá fẹ́ yẹ̀. A sùn lórí ìyẹn. Láàárọ̀ mo lọ wo àwọn ìlà pẹ́ńsù lára ilé aládùúgbò, gbogbo wọn wà níbi tí mo fà wọ́n sí. Ìyá ti dáná sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, ó ní ká jókòó jẹun ká tó kó igi wa, a sì jẹ ẹ́.