Ogún ọ̀rọ̀ fídíò ní ìjókòó kan: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn ọlọ́jà kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nínú fídíò l'Abẹ́òkúta, ohun tí ẹ máa ń bi mí jù ni bí èèyàn ṣe ń kọ ogún lẹ́ẹ̀kan náà tí wọn ò ní dún bákan náà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni màá fi ṣàlàyé.

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Mo máa ń ní kí ìyá tó ni ìsọ̀ fi àwọn ìbéèrè tí oníbàárà ń bi wọ́n lórí Wásáàpù ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìdáhùn bó ṣe ti ẹnu wọn jáde. Mo ń gbà tó ọgbọ̀n, torí díẹ̀ nínú wọn yóò jọra. Ẹni tó bá jókòó tán kó tó máa wá ohun tó fẹ́ sọ, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó kọ ìkeje.

Àwòṣe mẹ́rin péré ni mo ń lò: ìbéèrè àti ìdáhùn, ìkìlọ̀, ìfiwéra nǹkan méjì, àti bí a ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè márùn-ún lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogún pé. Ẹ wo páànù tí àwọn aládìrẹ fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ: páànù kan náà ni, aṣọ ló ń yí padà. Àwòṣe ìkìlọ̀ mi, bí àpẹẹrẹ, kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: húùkù, ìdí kan, ohun tí ó yẹ kó ṣe, ibi tí yóò ti rí wa.

Húùkù yẹn, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó ń dá ẹni tó ń fi ìka yí fóònù dúró, ló nílò ìtọ́jú jù. Mo ní ìwé kan tí mo ń kó wọn sí. Bí mo bá rí èyí tó dá mi dúró, mo máa yọ kókó inú rẹ̀, màá fi àlàfo sílẹ̀: «Má tíì ___ kí o tó ___», tàbí «Ibi tí àwọn tó mọ ___ máa ń kọ́kọ́ wò». Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ń kọ gbèsè rẹ̀ sí, ìyẹn ohun tí ó ti ṣèlérí fún olùwòran. «Má tíì» jẹ gbèsè ewu kan tó dájú àti ọ̀nà àbáyọ. «Ibi tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò» jẹ gbèsè ohun tí ojú lè rí nínú fídíò. Ọ̀pọ̀ ló ń tọ́jú gbólóhùn yìí láìkọ gbèsè rẹ̀ sí i, ohun tó sì ń mú kí húùkù dùn kí inú fídíò ṣófo nìyẹn.

Nítorí náà, ìdáhùn ni mo kọ́kọ́ ń kọ, gbogbo ogún, kí n tó ṣí ìwé húùkù. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan: oníbàárà ní àdìrẹ òun ń ṣí. Ìdáhùn náà ni pé aró tí kò wọnú òwú ló ń jáde nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ aṣọ. Ewu àti àbáyọ wà níbẹ̀, nítorí náà «Má tíì» ló bá a mu:

«Má tíì kó àdìrẹ tuntun mọ́ aṣọ funfun kí o tó gbọ́ èyí. Aró tí kò wọnú òwú ṣì wà lójú aṣọ yẹn. Dá a fọ̀ nínú omi tútù, kí o sì sá a síbòòji. Bí o bá ń wá tuntun, a wà ní Ìtòkú.»

Ìbéèrè míì ni bí a ṣe ń dá àdìrẹ ọwọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ni àwọn ọlọ́jà ń yí wò: àwọ̀ ti ẹ̀rọ sábà máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ti ọwọ́ ń mu aró lójú méjèèjì. Ojú lè rí i, húùkù kejì ló ni ín.

Bí ogún bá pé, mo máa ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti bí ìkejìlá lọ ni «Má tíì» sábà máa ń tẹ̀lé «Má tíì»; ẹ pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé húùkù ìkẹrin sórí ìkẹsàn-án. Bó bá ṣì bá a mu, ìkẹsàn-án kò tíì ní ohun tirẹ̀, ẹ padà sí ìdáhùn ìyá náà. Kíka sókè pẹ̀lú aago fóònù ló tún ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ fídíò kan kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ gé ìdí kúrú, ẹ má sọ pé kí ìyá sáré sọ̀rọ̀.

Iye owó àti aṣọ tó kù ní ìsọ̀ nìkan ni mi ò ń kọ sílẹ̀ ṣáájú. Fídíò ogún lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó jáde tán, owó aró sì lè ti yí padà. Àlàfo ni mo ń fi síbẹ̀, ìyá náà ló ń fi ẹnu ara wọn dí i láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá ń gbà á sílẹ̀.