Oṣù mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, díẹ̀ ló kù kó gba físà lọ́wọ́ mi

Ọ́kítóbà 2024 ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lóru pé Màámi ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí wọn ti kán, wọ́n ti ń gbé wọn lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nítòsí lóòótọ́, àmọ́ Màámi ò ní jẹ́ kí ọmọkùnrin wẹ̀ fún àwọn láéláé, ẹ ò lè bá wọn fà á. Dókítà ní wọ́n máa nílò ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ wọn fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, tó máa gbé wọn dìde, tó máa dì wọ́n mú bí wọ́n bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa tún rìn, kí wọ́n má baà dùbúlẹ̀ títí ẹ̀yìn wọn á fi dégbò.

Líìdìsì nílùú Ọba ni mo wà, iṣẹ́ àkáúǹtì ni mò ń ṣe, físà Sìkíìdì Wọ́kà ni mo sì ń lò, ìyẹn físà iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń dúró fún èèyàn kó tó rí i gbà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi, ẹkún ni mo fi kọ ọ́, ó gùn bí ìtàn, mo sọ bí Màámi ṣe ta gààrí kí n tó lè jáde yunifásítì, mo wá tọrọ oṣù mẹ́ta láìgbowó. Èèyàn dáadáa ni ọ̀gá mi, ó ní kò séwu, kí n máa lọ. Mo ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kẹta ni obìnrin tó ń rí sọ́rọ̀ àwa òṣìṣẹ́ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé tá a bá fún ẹ ní gbogbo oṣù mẹ́ta yìí, àwa gan-an la máa fi orúkọ ẹ ránṣẹ́ sí Hóòmù Ọ́fíìsì, àwọn ìjọba tó ń fúnni ní físà?"

Mi ò mọ̀. Mo ti lo ọdún méjì lórí físà yẹn, mi ò mọ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí ilé iṣẹ́ bá ṣe sípọ́ńsọ̀ fún kò gbọ́dọ̀ lo ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ láìgbowó láàárín ọdún kan, àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ àìsàn tìẹ fúnra ẹ, tàbí ìbímọ, ìyẹn yàtọ̀, àmọ́ ìtọ́jú òbí ò sí lára àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Bó o bá kọjá ọ̀sẹ̀ 4, ilé iṣẹ́ ní láti sọ fún Hóòmù Ọ́fíìsì, wọ́n lè fagi lé físà ẹ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì sábà máa ń fún èèyàn kó fi wá sípọ́ńsọ̀ míì tàbí kó kẹ́rù ẹ̀. Nítorí náà "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọ̀gá mi sọ fún mi tinútinú yẹn, òun gan-an ni ì bá pa mí lára. Ọ̀pọ̀ máníjà ò sì mọ òfin yìí rárá, ẹ má dá wọn lẹ́bi.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí òfin ti wà fún àwọn tó ń tọ́jú òbí. Ó wà lóòótọ́, láti 6 Épírì 2024, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni láàárín oṣù 12, kò sówó níbẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe fún ẹni tí ìbàdí ẹ̀ kán?

Ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin yẹn sọ ló là mí lójú: ọdún tí wọ́n ń kà yẹn, Jánúárì sí Dìsẹ́ńbà ni. Èmi akáúǹtáǹtì! Mo padà sórí àga mi mo gbé kàlẹ́ńdà síwájú. Mo ṣì ní ọjọ́ 12 nínú líìfù olówó mi, torí Épírì sí Máàṣì ni ilé iṣẹ́ wa ń ka tiwọn, mi ò sì tíì gba ọjọ́ kankan láìgbowó lọ́dún yẹn (ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò o, ọjọ́ méjì tẹ́ẹ gbà nígbà kan tẹ́ẹ ti gbàgbé wà nínú ìṣirò). Bí mo ṣe tò ó nìyí. Láti 18 Nòfẹ́ńbà, mo fi ọjọ́ 10 olówó ṣe ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Láti 2 sí 27 Dìsẹ́ńbà, ọ̀sẹ̀ 4 láìgbowó, ti 2024 tán nìyẹn. 30 àti 31 Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ méjì olówó tó kù ni mo fi dí i. 1 Jánúárì ọlidé ni. Láti 2 Jánúárì, ọdún tuntun ti dé, kíkà tuntun bẹ̀rẹ̀, mo gba ọjọ́ iṣẹ́ 17 láìgbowó títí di 24, kí n padà síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè 27 Jánúárì 2025. Ọ̀sẹ̀ 10 gbáko. Mi ò gba ọ̀sẹ̀ 4 pé fún Jánúárì, mo fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, torí ẹni tó bá mọ Múrítàlá mọ̀ pé ọkọ̀ òfúrufú lè sọ pé òun ò lọ lónìí.

Mo wá kọ lẹ́tà kejì, ojú ìwé kan ni, kò sí gààrí nínú ẹ̀. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ lédè wa, ó lọ báyìí:

"Mò ń tọrọ ààyè láti 18 Nòfẹ́ńbà 2024, kí n padà síṣẹ́ ní 27 Jánúárì 2025, láti tọ́jú ìyá mi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ní Nàìjíríà. Lẹ́tà dókítà wà pẹ̀lú èyí. Ọjọ́ 12 á jẹ́ líìfù olówó, ọ̀sẹ̀ 4 láìgbowó ní 2024, ọjọ́ iṣẹ́ 17 láìgbowó ní 2025, bí mo ṣe tò ó sísàlẹ̀. Kò sí ọdún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 4 tí òfin sípọ́ńsọ̀ gbà. Màá parí ìṣirò oṣù Ọ́kítóbà kí n tó lọ, mo sì ti bá ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ti Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì lórí ìwé, kẹ́ẹ kọ déètì kọ̀ọ̀kan àti irú líìfù tó jẹ́ síbẹ̀."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbà mí. Mo wà nílé nígbà tí péésílíìpù Dìsẹ́ńbà wọlé sórí fóònù mi, Màámi ń jẹ ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí i pé wọ́n ti kọ 30 àti 31 náà mọ́ ti àìgbowó. Ọjọ́ 22 dípò 20! Owó ọjọ́ méjì lẹlòmíì máa rò pé ó sọnù, àbí, kò rí i pé òun ti kọjá ọ̀sẹ̀ 4 nínú ìwé ilé iṣẹ́. Mo fi í-meèlì tí wọ́n fi dá mi lóhùn ránṣẹ́ padà sí wọn, wọ́n tún un ṣe kó tó di ọjọ́ kejì. Ká ní ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà fún mi ńkọ́?

Fún àwọn tó ń lépa ìwé ìgbélùú títí lọ, ọjọ́ 180 ni wọn ò fẹ́ kẹ́ẹ lò jù lóde ìlú náà láàárín oṣù 12 èyíkéyìí, olówó àti aláìlówó ni wọ́n jọ ń kà síbẹ̀. Tèmi jẹ́ bí 70, ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀.

Màámi ń fi ọ̀pá rìn kí n tó padà, ọmọ àbúrò wọn obìnrin ló bọ́ sípò mi. Ibi tó ti ká mi lọ́wọ́ kò ni 2025 tó kù, torí ọjọ́ mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù fún mi láìgbowó títí di Dìsẹ́ńbà. Nígbà tí ibà tún dá wọn wólẹ̀ ní Júláì, fídíò ni mo fi ń wo bí wọ́n ṣe ń lo oògùn.